Ẹ Jẹ́ Kí N Fi Tèmi Sí I Ná

Obìnrin kan wà ní ilé iṣẹ́ búrẹ́dì kan tí gbogbo ènìyàn ń pè ní Màmá Gbohùngbohùn. Kì í ṣe pé ó ń pariwo o. Ẹnu rẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ilé iṣẹ́ náà ń gbà jáde ni. Yàrá kótópó kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tí wọ́n ń to àpò ìyẹ̀fun sí, ibẹ̀ ló ń jókòó sí, tábìlì kan níwájú rẹ̀, ẹ̀rọ gbohùngbohùn lórí tábìlì, ìyẹ̀fun fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ lórí ohun gbogbo bó ti wù kó nù ún tó. Láti ibẹ̀ ni yóò ti kéde pé ọkọ̀ ìyẹ̀fun ti dé, pé kí àwọn tó ń di búrẹ́dì sínú ọ̀rá wá gba ipò àwọn tó ń lọ sílé, pé ẹni tó gbé kẹ̀kẹ́ dí ẹnu ọ̀nà kó wá gbé e kúrò kí òun tó dárúkọ rẹ̀ fún aráyé gbọ́.

Ìwé tó kà kò pọ̀. Ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ pàápàá, kò kà á dé ìdí. Ilẹ̀ gbígbá ni wọ́n gbà á fún nígbà tó kọ́kọ́ dé. Lọ́jọ́ tí ọ̀fìnkìn dé ọkùnrin tó ń kéde mọ́lé, wọ́n ní ta ló lè ka nǹkan tí wọ́n kọ sí bébà yìí kí gbogbo ilé gbọ́ ọ, ó gbé ìgbálẹ̀ sílẹ̀, ó ní òun á dán an wò. Kò tún padà sídìí ìgbálẹ̀ náà mọ́. Ohùn rẹ̀ balẹ̀, ó sì mọ́. Tó bá ní kí èèyàn máa bọ̀, ẹsẹ̀ onítọ̀hún á ti gbéra kó tó rántí láti bèèrè ohun tí wọ́n ń pè é sí.

Ọkọ rẹ̀ ti kú. Àìsàn ló pa ìyẹn, ó sì rí i tó ń bọ̀, ó rí ọjọ́ tó fi lè múra ọkàn rẹ̀ sílẹ̀. Àbíkẹ́yìn rẹ̀ náà ti kú, ti ìyẹn ni kò rí tó ń bọ̀. Ọmọ náà ń kọ́ṣẹ́ ẹ̀rọ títún ṣe ní ilé iṣẹ́ kan tí wọ́n ti ń po oúnjẹ adìẹ. Ó jáde láàárọ̀, ó kí ìyá rẹ̀, ó ní kó bá òun yọ oúnjẹ òun sọ́tọ̀. Ìyá yọ ọ́ sọ́tọ̀.

Lọ́jọ́ tí ọ̀rọ̀ tí mò ń sọ yìí bẹ̀rẹ̀, Ọ̀gá Ẹ̀kọ́ ló wọlé tọ̀ ọ́ wá pẹ̀lú bébà lọ́wọ́. Ọ̀gá Ẹ̀kọ́ yìí ló ń mójú tó bí wọ́n ṣe ń kọ́ àwọn òṣìṣẹ́ tuntun níṣẹ́. Ọmọdébìnrin ni lójú Màmá. Tí èèyàn bá wà níbẹ̀, Màmá á pè é ní "ọ̀gá mi", á sì máa fi "ẹ" bá a sọ̀rọ̀. Tó bá wá ku àwọn méjèèjì, ó di "ọmọ mi".

"Màmá, ẹ kú iṣẹ́ o."

"O ṣeun, ọmọ mi. Kí ló dé tójú rẹ rí báyìí? Ṣé wọ́n ti gba iṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ ni?"

"Wọn ò tíì gbà á. Màmá, ẹ bá mi wo ìwé yìí." Ó fi bébà náà sórí tábìlì. "Ọ̀rọ̀ tí a kọ fún ìpàdé àwọn olùdarí nìyí, lórí bí a ṣe ń ti iná ẹ̀rọ pa kí èèyàn tó wọ inú rẹ̀ lọ nù ún. Wọ́n pàtẹ́wọ́ fún un lọ́jọ́ náà. Ọ̀rọ̀ yẹn náà la wá gbé fún àwọn ọmọ tó wá kọ́ṣẹ́ lọ́dún tó kọjá."

"Mo rántí. Èmi ni mo kà á."

"Ṣé ẹ rántí pé wọ́n sùn?"

"Èmi gan-an fẹ́rẹ̀ẹ́ sùn, ẹnu mi ló ń kà á."

Ọ̀gá Ẹ̀kọ́ fẹ́ rẹ́rìn-ín, kò rín in tán. Àwọn méjèèjì ló mọ ohun tó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn oorun náà. Lọ́sẹ̀ yẹn gan-an, ọmọkùnrin kan nínú wọn ti ọwọ́ bọ inú ẹ̀rọ tí ń po ìyẹ̀fun, ó fẹ́ já èyí tó lẹ̀ mọ́ irin kúrò, ẹ̀rọ sì ń yí. Orí ló yọ ọ́. Ẹnì kan sáré tẹ bọ́tìnì pupa. Apá ẹ̀wù ni irin náà mú lọ.

"Àwọn ọmọ tuntun ń bọ̀ ní Mọ́ńdè," ni Ọ̀gá Ẹ̀kọ́ wí. "Ẹ bá mi dẹ ọ̀rọ̀ yìí. Kó dẹ̀ létí wọn, kó dà bíi pé ẹnì kan jókòó tì wọ́n tó ń bá wọn sọ̀rọ̀. Ẹ ó wá kà á sínú ẹ̀rọ, a ó gbà á sílẹ̀, a ó sì máa gbé e fún wọn kí wọ́n tó wọ gbọ̀ngàn ẹ̀rọ rárá. Ṣùgbọ́n Ọ̀gá Ẹ̀rọ gbọ́dọ̀ gbà sí i o, òun ló ni gbọ̀ngàn. Tí kò bá gbà, ti àtijọ́ yìí náà la máa lò."

Nígbà tó jáde tán, Màmá wọ gíláàsì rẹ̀, ó ka ìwé náà jẹ́jẹ́. Èyí ni ohun tó wà níbẹ̀:

"Ó pọn dandan kí a rí i dájú pé gbogbo orísun agbára ni a ti yà sọ́tọ̀, tí a sì ti fìdí ìyàsọ́tọ̀ náà múlẹ̀, ṣáájú kí ìwọlé èyíkéyìí tó wáyé. Bákan náà, gbogbo òṣìṣẹ́ ni a fún ní ẹ̀tọ́ ìdádúró iṣẹ́ níbikíbi tí ìfura ewu bá ti jẹyọ."

Lọ́dún tó kọjá, ó kà á bí ẹni ń ka orúkọ àwọn oníbàárà. Lọ́tẹ̀ yìí, ó dúró lórí "ìwọlé èyíkéyìí tó wáyé", kò lè kúrò níbẹ̀. Ó mọ irú ọ̀rọ̀ yìí. Ọkùnrin kan tó wọ ẹ̀wù funfun, tó wá láti ibi iṣẹ́ ọmọ rẹ̀, ló kọ́kọ́ sọ irú rẹ̀ fún un nínú pálọ̀ Màmá fúnra rẹ̀. Ó ní ìwádìí ti fi hàn pé ìlànà ìyàsọ́tọ̀ agbára kò di títẹ̀lé ṣáájú ìwọlé. Màmá jókòó, ó ń dúró kó dárúkọ ẹnì kan. Ta ló ní kí ọmọ wọlé? Ta ló tẹ bọ́tìnì? Nínú ọ̀rọ̀ ọkùnrin náà, kò sẹ́ni tó ṣe nǹkan kan. Ìwọlé ló wáyé. Ikú ló wáyé.

Ẹ̀yìn ìgbà náà ni ọmọ kan tí wọ́n jọ ń kọ́ṣẹ́ wá kí i, tó jókòó títí ilẹ̀ fi fẹ́ ṣú kó tó sọ ọ́. Ọ̀gá wọn níbi iṣẹ́ ló ní, "Wọlé, ìṣẹ́jú kan ni." Àbíkẹ́yìn ní, "Ó dáa, sà." Ó wọlé. Ẹnì kan lódìkejì ẹ̀rọ tí kò rí i tẹ bọ́tìnì. Àgádágodo tí wọ́n fún un láti fi ti súìṣì iná pa, kí ẹlòmíràn má lè tàn án, wà nínú àpò ṣòkòtò rẹ̀, tòun ti kọ́kọ́rọ́.

Màmá fa bébà mímọ́ kan jáde. Ó ní lọ́kàn ara rẹ̀ pé ọ̀rọ̀ tí òun máa kọ, oorun ò ní kun ọmọ kankan nídìí rẹ̀.

Ó kọ ọ́ lọ́sàn-án ọjọ́ náà. Lọ́jọ́ kejì, ní àkókò oúnjẹ, ó pe díẹ̀ nínú àwọn tó ti kọ́ṣẹ́ láti ọdún tó kọjá jọ sórí bẹ́ǹṣì tó wà lẹ́yìn ilé. Ọ̀kan wà nínú wọn tí wọ́n ń pè ní Aláwàdà, ọ̀kan sì jẹ́ ọmọbìnrin kan tó rí pẹ́lẹ́ńgẹ́, Pẹ́lẹ́ńgẹ́ náà ni wọ́n sì ń pè é. Màmá mú bébà rẹ̀ dání, ó bẹ̀rẹ̀:

"Ẹ̀yin ọmọ tó ń jó lójú pópó, báwo ni nǹkan? Ṣé gbogbo ẹ̀ ń lọ? Ẹ gbọ́ o. Ẹ̀rọ yìí ò mọ bàbá ẹnì kankan. Tó bá fi lè mọ́wọ́ yín pẹ́nrẹ́n, ọwọ́ ti di búrẹ́dì nìyẹn, a ó sì gé e fún yín pẹ̀lú bọ́tà. Torí náà, ẹ̀yin èèyàn mi, tẹ́ ẹ bá fẹ́ wọnú ẹ̀rọ, ẹ gbìyànjú kí ẹ máa fi àgádágodo sí iná..."

Kò tíì kà á dé ìdajì tí Aláwàdà fi ṣubú kúrò lórí bẹ́ǹṣì. Wọ́n rẹ́rìn-ín débi pé omijé ń bọ́. Inú Màmá dùn, ó rò pé òun ti ṣe é.

"Màmá wa ti di ọmọ ìta," ni Aláwàdà wí. "Ẹ tún 'báwo ni nǹkan' yẹn sọ. Ẹ jọ̀ọ́, lẹ́ẹ̀kan péré."

"Ó tó, ìwọ ọmọ yìí. Jókòó dáadáa. Kí ni mo sọ pé kí ẹ ṣe?"

"Ẹ ní ọwọ́ máa di búrẹ́dì."

"Mo ti gbọ́. Kí ni mo ní kí ẹ ṣe kó má baà dì í?"

Wọ́n wo ara wọn lójú. Ọ̀kan ní bóyá kí àwọn wọ ìbọ̀wọ́. Aláwàdà ní, "Ẹ ní ká gbìyànjú láti fi àgádágodo sí i. Tí àyè bá wà."

"Mi ò sọ pé tí àyè bá wà."

"Ẹ ní ká gbìyànjú, Màmá. Tí wọ́n bá ní kéèyàn gbìyànjú, tí ò bá wá ṣeé ṣe ńkọ́?"

Màmá wo bébà ọwọ́ rẹ̀. Lóòótọ́, ohun tó kọ síbẹ̀ nìyẹn. Ó fẹ́ kó dẹ̀, ó dẹ ibi tó yẹ kó dẹ̀, ó sì dẹ ibi tí kò gbọ́dọ̀ dẹ̀ rárá. Bébà àwọn olùdarí ní "ó pọn dandan", ó gan lóòótọ́, ṣùgbọ́n kò fi àyè sílẹ̀. Tirẹ̀ fi àyè tí èèyàn lè gbà kú sílẹ̀.

Àwọn yòókù ti dìde láti padà síbi iṣẹ́, ó ku Pẹ́lẹ́ńgẹ́ tó ń gbọn èérún búrẹ́dì kúrò ní ẹsẹ̀ rẹ̀.

"Màmá, ẹ má bínú o. Tó bá jẹ́ ọ̀gá ló ní kéèyàn wọlé láìfi àgádágodo sí i ńkọ́? Ọ̀gá Ẹ̀rọ wa ni mò ń wí. Wọ́n á ní, 'wọlé jàre, ìṣẹ́jú kan ni.' Kí lèèyàn máa sọ?"

Ìṣẹ́jú kan yẹn ni Màmá gbọ́. Ó rọra fi ọwọ́ di etí bẹ́ǹṣì mú.

"Ó wà nínú ìwé tí mo kà fún yín lọ́dún tó kọjá. Ẹ̀tọ́ ìdádúró iṣẹ́."

"Ṣé àwa ni wọ́n ń bá wí ni?" ni Pẹ́lẹ́ńgẹ́ wí. "Mo rò pé nǹkan àwọn ọ̀gá ni."

Màmá ká bébà náà. Ó ní kó máa lọ kí wọ́n má baà wá a. Ó jókòó síbẹ̀ fúngbà díẹ̀ kó tó gbọ́ tí wọ́n ń wá òun fúnra òun, pé ọkọ̀ ti dé, kò sẹ́ni tó kéde.

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà ló tún un kọ, nínú ilé, lẹ́bàá fèrèsé. Lọ́tẹ̀ yìí kò wá ẹ̀rín. Ó yọ gbogbo "báwo ni nǹkan" kúrò, torí ó mọ̀ pé ìyá àgbà tó ń sọ̀rọ̀ bí ọmọ ìta, òun ni wọ́n máa wò, wọn ò ní wo ọ̀rọ̀. Ó fi ohùn tirẹ̀ sọ ọ́, bó ṣe máa ń bá ọmọ sọ̀rọ̀ nínú ilé. Ó yọ "ẹ̀yin" náà kúrò, ó fi "ìwọ" sí i, torí tí wọ́n bá ní "ẹ̀yin", kálukú á rò pé ẹni tó jókòó ti òun ni wọ́n ń bá wí. Ohun tó gbọ́dọ̀ le, ó jẹ́ kó le, kò fi oyin lé e: 

"Lọ síbi súìṣì ńlá ara ògiri. Pa á. Fi àgádágodo tìrẹ tì í, kì í ṣe ti ọ̀rẹ́ rẹ. Tó bá jẹ́ ẹ̀yin mẹ́ta lẹ ń wọlé, àgádágodo mẹ́ta ni. Kọ́kọ́rọ́ rẹ, inú àpò rẹ ni kó wà. Padà síbi ẹ̀rọ, tẹ bọ́tìnì tí ń mú un ṣiṣẹ́, wò ó bóyá á mira. Tí kò bá mira, o lè wọlé. Tó bá mira, má wọlé, wá ká jọ wò ó."

Ó kà á sókè fún ara rẹ̀. Ó dára. Ó wá ku ibi ọ̀gá. Ó kọ ọ́ pé: "Bí ọ̀gá rẹ bá ní kí o wọlé láìfi àgádágodo sí i, sọ fún un pé o ò wọlé." Ó pa bébà náà dé, ó lọ gbé omi kaná.

Ọ̀gá Ẹ̀rọ ni olórí gbọ̀ngàn tí wọ́n ti ń po ìyẹ̀fun. Ó ti pẹ́ nílé iṣẹ́ náà ju ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ ibẹ̀ lọ. Ọwọ́ rẹ̀ tóbi, etí rẹ̀ kan kò gbọ́ràn dáadáa mọ́ nítorí ariwo, ó sì fẹ́ràn láti fi etí náà kẹ́wọ́. Ó wá sí yàrá Màmá láàárọ̀ ọjọ́ kejì, Ọ̀gá Ẹ̀kọ́ tẹ̀ lé e. Ó gbé bébà sókè, ó kà á, ó ń fi orí dáhùn. Nígbà tó dé ìsàlẹ̀, orí rẹ̀ dúró.

"Ìyá, kí lèyí?"

"Èwo nínú ẹ̀?"

"'Sọ fún un pé o ò wọlé.' Ọmọ tí mo fẹ́ kọ́ níṣẹ́, òun ló máa dúró níwájú mi, tó máa ní òun ò wọlé?"

"Tí ẹ bá ní kó wọlé sínú ewu ni."

"Ta ló fi ọmọ sínú ewu? Ṣé mo fi ẹnikẹ́ni sínú ewu rí?" Ó yíjú sí Ọ̀gá Ẹ̀kọ́. "Ẹ yọ èyí kúrò. Ìyókù dáa, mo fọwọ́ sí i. Èyí, rárá. Ìwé olùdarí ò sọ bẹ́ẹ̀."

"Ó sọ bẹ́ẹ̀, bàbá," ni Ọ̀gá Ẹ̀kọ́ wí. "Ẹ̀tọ́ ìdádúró iṣẹ́ ni wọ́n pè é."

"Ìyẹn yàtọ̀. Ìyẹn ní ọ̀wọ̀ nínú."

"Ìyẹn ò kan ẹnì kankan ni," ni Màmá wí. Kò gbé ohùn sókè. "Ẹ gbádùn rẹ̀ torí pé kò sẹ́ni tó mọ̀ pé òun ló ń bá wí."

"Ó dáa náà, ẹ gbé ti olùdarí fún wọn. Kí ni mo wí sí i?"

Ó ti ń jáde lọ. Bó bá jáde, gbogbo rẹ̀ parí. Màmá mọ̀ ọ́n. Ó mọ̀ pé Mọ́ńdè á dé, òun á tún fi ẹnu ara òun ka "ìwọlé èyíkéyìí", àwọn ọmọ á sì sùn.

"Ọ̀gá Ẹ̀rọ, ẹ dákun, ẹ jókòó. Mi ò bá yín jà. Ọ̀rọ̀ kan ni mo fẹ́ bi yín."

Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà. Kò jókòó, ṣùgbọ́n kò lọ.

"Tí ọmọ kan bá sọ èyí tí mo kọ yìí fún yín, kí lẹ máa ṣe?"

"Màá gbá a létí."

"Mo gbọ́. Ṣé ẹ wá rò pé ọmọ kankan máa lè sọ ọ́?"

Ó rò ó. "Kò sí. Ọmọ tí wọ́n bá kọ́ nílé, kò lè sọ irú ẹ̀. Èyí tó bá sì lè sọ ọ́, kò ní pẹ́ níbi iṣẹ́."

"Òótọ́ lẹ sọ," ni Màmá wí. Kò sọ ọ́ láti fi tù ú. Àbíkẹ́yìn tirẹ̀ kì bá ti lè sọ ọ́. Bí wọ́n bá kọ ọ́ sí iwájú orí rẹ̀, kì bá ti lè sọ ọ́. "Ọ̀rọ̀ tí mo kọ yìí, kò wúlò. Ṣùgbọ́n ọ̀kan gbọ́dọ̀ wà tí ọmọ lè sọ. Ẹ bá mi wá a. Ẹ̀yin lẹ jẹ́ ọ̀gá. Kí lọmọ lè sọ fún yín, tí ẹ ò ní bínú, tí ẹ ó sì dúró?"

Ọ̀gá Ẹ̀rọ fi ọwọ́ ńlá rẹ̀ ra etí rẹ̀ tí kò gbọ́ràn.

"Nígbà tí mò ń kọ́ṣẹ́," ló wí, "tí ọ̀gá mi bá ní ká gbéra, tí mi ò tíì ṣe tán, màá ní, 'Ẹ jọ̀ọ́, ọ̀gá, ẹ jẹ́ kí n mú irinṣẹ́ mi ná.' Kì í bínú sí i. Mi ò sọ pé mi ò lọ. Mo kàn ní kó dúró ná."

Màmá gbé bíírò. "Ẹ jọ̀ọ́, ọ̀gá, ẹ jẹ́ kí n fi tèmi sí i ná."

"Kí ni 'tèmi' yẹn?"

"Àgádágodo."

Ọ̀gá Ẹ̀rọ tún un sọ lábẹ́lẹ̀, bí ẹni ń tọ́ nǹkan wò. "Ẹ jẹ́ kí n fi tèmi sí i ná." Ó mi orí. "Ọmọ tó bá sọ ìyẹn fún mi kò ṣẹ̀ mí. Ọmọ tó ń kánjú iṣẹ́ ni."

"Bó bá sì ti fi tirẹ̀ sí i, kò sẹ́ni tó lè tan iná náà mọ́, bó ti wù kó kánjú tó," ni Ọ̀gá Ẹ̀kọ́ wí.

"Ó ku nǹkan kan," ni Màmá wí. "Tí wọ́n bá gbọ́ ohùn èmi nìkan, ohùn ìyá wọn ni. Wọn ò tíì mọ ohun tí ọ̀gá máa sọ. Àyà wọn á máa já. Mo fẹ́ kí wọ́n gbọ́ ìdáhùn náà lẹ́nu yín."

"Lẹ́nu ta?"

"Lẹ́nu yín. Nínú ẹ̀rọ yìí."

Ọ̀gá Ẹ̀rọ ní òun kì í ṣe òṣèré. Ọ̀gá Ẹ̀kọ́ ní gbólóhùn kan péré ni. Ọ̀gá Ẹ̀rọ ní òun ò ní gíláàsì lọ́wọ́. Màmá bọ́ ti ojú rẹ̀ fún un.

Ọ̀sán Sátidé ni wọ́n gbà á sílẹ̀, nígbà tí àwọn ẹ̀rọ ti sinmi. Pẹ́lẹ́ńgẹ́ ló ṣe ohùn ọmọṣẹ́. Ìyẹn ṣe é lẹ́ẹ̀kan, ó dára. Ọ̀gá Ẹ̀rọ ló di wàhálà. Ó nàró ṣánṣán níwájú gbohùngbohùn, ó mú ohùn le, ó ní: "Ó dára. Fi-àgádágodo-rẹ-sí-i. Èmi-yóò-dúró-dè-ọ́."

"Bàbá, ṣé ẹ ń bú u ni àbí ẹ ń sìnkú rẹ̀?" ni Pẹ́lẹ́ńgẹ́ bèèrè, ó sì yára fọwọ́ bo ẹnu.

Wọ́n tún un ṣe. Ó burú ju ti àkọ́kọ́ lọ. Màmá dìde, ó gba bébà lọ́wọ́ rẹ̀, ó ká a, ó fi sábẹ́ àpò ìyẹ̀fun.

"Ẹ má kà á mọ́. Ọmọ nìyí níwájú yín. Ẹ bá a sọ̀rọ̀."

Ó ku nǹkan kan. Ọ̀gá Ẹ̀kọ́ fẹ́ kí àwọn ọmọ gbọ́ bí àgádágodo ṣe ń tì, kí ìró náà lè kù sí wọn létí. Ó fẹ́ rán Pẹ́lẹ́ńgẹ́ lọ mú ọ̀kan wá láti gbọ̀ngàn. Màmá ní kó má lọ. Ó ṣí àpò ọwọ́ rẹ̀, ó yọ àgádágodo pupa kékeré kan tí kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ wà lára rẹ̀.

Ọ̀gá Ẹ̀rọ gbà á, ó yí i wò. Ojú oníṣẹ́ ni, ó rí i kíá pé kò sí ibi tó ti họ, irin rẹ̀ ṣì ń dán.

"Tuntun ni. Kì í ṣe tiwa. Ta ló ni ín?"

"Ọmọ mi ni. Àpò rẹ̀ ni wọ́n ti yọ ọ́."

Gbogbo wọn ló mọ̀ pé ọmọ Màmá kú, kò sẹ́ni tó mọ bó ṣe kú nínú wọn.

"Kí ni ọ̀gá rẹ̀ sọ fún un?" ni Ọ̀gá Ẹ̀rọ bèèrè.

"Ó ní, 'Wọlé, ìṣẹ́jú kan ni.'"

Ọ̀gá Ẹ̀rọ gbé ojú kúrò lára rẹ̀. Ọ̀rọ̀ yìí, ẹnu rẹ̀ ti sọ ọ́ láìmọye ìgbà. Ó dá àgádágodo náà padà sọ́wọ́ Màmá pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì, bí èèyàn ṣe ń gbé ọmọ jòjòló fún ìyá rẹ̀. Ó tún dúró síwájú gbohùngbohùn. Pẹ́lẹ́ńgẹ́ ní, "Ẹ jọ̀ọ́, ọ̀gá, ẹ jẹ́ kí n fi tèmi sí i ná." Màmá gbé àgádágodo sún mọ́ ẹ̀rọ, ó tì í. Ó ké kọ́ọ́. Kò sẹ́ni tó tì í rí kó tó di ọjọ́ náà.

"Fi sí i, ọmọ," ni Ọ̀gá Ẹ̀rọ wí. Ohùn rẹ̀ wálẹ̀ pátápátá. "Fara balẹ̀. Mò ń dúró."

Wọn ò tún un gbà sílẹ̀ mọ́.

Nígbà tí Mọ́ńdè dé, àwọn ọmọ tuntun jókòó sórí àga nínú yàrá ẹ̀kọ́, wọ́n gbọ́ ọ. Kò gùn. Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín, kò sẹ́ni tó sùn. Wọ́n fún kálukú ní àgádágodo tirẹ̀, wọ́n kọ orúkọ rẹ̀ sí i lára. Ọ̀gá Ẹ̀kọ́ mú wọn dé ibi súìṣì ńlá, ó ní kí kálukú ti tirẹ̀ kó sì ṣí i lójú òun. Ọ̀rọ̀ ẹnu lásán ni gbogbo ìyẹn ṣì jẹ́. Màmá mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ó jókòó sí yàrá rẹ̀, ó ń kéde ọkọ̀.

Nígbà tó di àkókò tí ọkọ̀ àwọn oníbàárà máa ń tò síta lọ́jọ́ náà, ẹ̀rọ ńlá dúró lójijì. Ìyẹ̀fun ti gan mọ́ irin tí ń yí i nínú. Búrẹ́dì ti pẹ́, àwọn awakọ̀ ti ń fọn fèrè. Láti ẹnu ọ̀nà rẹ̀, Màmá rí Ọ̀gá Ẹ̀rọ tó ń sáré bọ̀, òógùn lójú rẹ̀. Ọmọ tuntun kan, ọmọkùnrin tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń hu irùngbọ̀n, ló dúró sítòsí ẹ̀rọ pẹ̀lú ohun tí wọ́n fi ń họ ìyẹ̀fun.

"Wọlé, bá mi họ ọ́ kúrò kíákíá," ni Ọ̀gá Ẹ̀rọ wí. "Ìṣẹ́jú kan ni."

Ó ti sọ ọ́ kó tó mọ̀ pé òun sọ ọ́.

Ọmọ náà gbé ẹsẹ̀ kan. Màmá rí ẹsẹ̀ náà. Ó di férémù ilẹ̀kùn mú, kò lè pariwo, ohùn tí gbogbo ilé iṣẹ́ mọ̀ kò jáde. Ọmọ náà wo inú ẹ̀rọ, ó wo ojú ọ̀gá rẹ̀. Ó tẹrí ba díẹ̀ bí ọmọ tí wọ́n kọ́ nílé.

"Ẹ jọ̀ọ́, ọ̀gá," ló wí, "ẹ jẹ́ kí n fi tèmi sí i ná."

Fèrè ọkọ̀ tún ké níta. Ọ̀gá Ẹ̀rọ nu òógùn ojú rẹ̀. Ó yíjú sápá ibi tí yàrá Màmá wà, ó rí i tó dúró sẹ́nu ọ̀nà.

"Fi sí i, ọmọ," ló wí. "Mò ń dúró."

Ọmọ náà lọ síbi ògiri. Ó pa súìṣì. Kọ́kọ́rọ́ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ mú un, ó fi àgádágodo rẹ̀ tì í. Ọ̀gá Ẹ̀rọ tẹ̀ lé e lọ, ó yọ àgádágodo tirẹ̀ láti ìgbànú, ó tì í sẹ́gbẹ̀ẹ́ ti ọmọ náà. Ó padà, ó tẹ bọ́tìnì. Ẹ̀rọ kò mira. Ó tún un tẹ̀. Nígbà náà ni ọmọ wọlé.

Màmá padà sídìí tábìlì rẹ̀. Ó jókòó, ó nu ojú, ó nu ìyẹ̀fun kúrò lára gbohùngbohùn. Ó sún mọ́ ọn, ohùn rẹ̀ sì jáde bó ṣe máa ń jáde.

"Ẹ̀yin awakọ̀ wa," ló wí, "ẹ jọ̀ọ́, ẹ yé fọn fèrè. Ọmọ kan wà nínú ẹ̀rọ. Ẹ jẹ́ kó jáde ná."